Ìwé káńsù kan, ẹ̀sùn mẹ́rin: bí mo ṣe yan kóòtù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ìwé tí káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù kọ sí ìyá ọlọ́mọ méjì kan ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Ìwé náà kò gùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ di aláìnílé, nítorí náà àwọn kò ní bá a wá ilé tí yóò máa gbé lọ títí. Wọ́n ní kó kúrò nínú yàrá ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fi í sí láàárín ọjọ́ méje. Wọ́n ní ó jẹ gbèsè owó yàrá náà, ìwé ìpẹ̀jọ́ lórí gbèsè ọ̀hún sì tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti sọ pé àwọn kò rí díẹ̀ nínú ẹrù rẹ̀ tí àwọn bá a kó pamọ́.

Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ò lè kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ẹjọ́ kan?" Kò ṣeé ṣe. Ohun tí ó fà á ni pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya òfin ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára òfin tó wà láàárín ẹni sí ẹni. Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé káńsù lo agbára tí òfin gbé lé e lọ́wọ́ lọ́nà àìtọ́, ẹjọ́ àyẹ̀wò ìpinnu ìjọba lẹ máa pè ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, lábẹ́ Apá 54 nínú ìlànà ẹjọ́ (CPR). Ẹ gbọ́dọ̀ tètè pè é, kò sì gbọdọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda adájọ́. Bí ó bá jẹ́ gbèsè, àdéhùn tàbí ẹrù ẹni, ẹjọ́ lásán ni: ọdún mẹ́fà lẹ ní fún ọ̀pọ̀ jù lọ irú rẹ̀, ẹ kò sì nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni.

Ní 1982 ni àwọn Lọ́ọ̀dù, adájọ́ kóòtù tó ga jù nígbà náà, ti ìlẹ̀kùn yìí gbọn-in. Nínú ẹjọ́ O'Reilly àti Mackman, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ọgbà Hull tí wọ́n fìyà jẹ lẹ́yìn rògbòdìyàn 1976 gba ọ̀nà ẹjọ́ lásán láti sọ pé wọn kò gbọ́ tẹnu àwọn dáadáa. Lọ́ọ̀dù Diplock ní ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn láti yẹra fún ìyọ̀ǹda àti gbèdéke àkókò ń ṣi kóòtù lò, wọ́n sì da ẹjọ́ náà nù láìgbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n dá Cocks padà, aláìnílé tó pe káńsù Thanet lẹ́jọ́ ní kóòtù káúńtì.

Nítorí ẹjọ́ Cocks yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń sáré lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga bí káńsù bá ti ní ẹnìkan fọwọ́ ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di aláìnílé. Lónìí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Òfin Ilé ti 1996 ti la ọ̀nà tirẹ̀: abala 202 ní kí ẹ kọ̀wé sí káńsù láti tún ìpinnu náà yẹ̀ wò láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, abala 204 sì ní kí ẹ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kóòtù káúńtì lórí kókó òfin bí èsì kò bá dára. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga yóò ní ọ̀nà mìíràn wà, kò sì ní fún yín níyọ̀ǹda. Kí ìyẹn tó jáde, ọjọ́ mọ́kànlélógún ti lọ, ó wá ku kí ẹ máa bẹ káńsù pé kó fi àkókò kún un.

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ kìíní. Ìwé yìí dé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, nítorí náà ọjọ́ kẹtàlélógún ni ó parí, kì í ṣe ọjọ́ kẹrìnlélógún. Mo fi ìwé àtúnyẹ̀wò ránṣẹ́ kíákíá, mo ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àlàyé ń bọ̀. Káńsù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti dáhùn irú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá ọjọ́ méje ló le jù. Abala 188(3) fún káńsù lágbára láti máa fi ènìyàn sílé títí àtúnyẹ̀wò yóò fi parí, ṣùgbọ́n kò fi dandan mú un. Bí wọ́n bá kọ̀, kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kóòtù káúńtì lórí rẹ̀. Ẹjọ́ àyẹ̀wò ní Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló kù. Mo kọ́kọ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni a sábà máa ń fún káńsù láti dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdílé fẹ́ bọ́ síta, ọjọ́ kan tàbí méjì náà tó. Inú lẹ́tà náà ni mo ti to ohun mẹ́ta tí ẹjọ́ Mohammed àti Camden (1997) ní kí káńsù wò: bí àtúnyẹ̀wò náà ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, bóyá ọ̀rọ̀ tuntun wà tí wọn kò tíì gbọ́, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìdílé náà. Ìwé dókítà ọmọ kékeré wọ ìkejì àti ìkẹta. Mo ti fi fọ́ọ̀mù N461, tí a fi ń pe ẹjọ́ àyẹ̀wò, àti N463, tí í ṣe ti kánjúkánjú, sílẹ̀ ní kíkọ kí èsì tó dé.

Ẹ kíyè sí èyí: bí àtúnyẹ̀wò bá já sí òfo tí a sì ti pe ẹjọ́ abala 204, tí káńsù tún kọ̀ láti fi í sílé, kóòtù káúńtì ló máa gbọ́ ìyẹn, lábẹ́ abala 204A. Ẹ̀sùn kan náà ni, ìpele tí a dé ló yí kóòtù padà.

Ní ti gbèsè, a kò pe ẹjọ́ kankan rárá. Abala 206 ní owó tó bá mọ níwọ̀n ni káńsù lè gbà lórí irú yàrá bẹ́ẹ̀, a sì gbà pé èyí tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ju ìwọ̀n lọ. Ọ̀rọ̀ òfin ìjọba ni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Wandsworth àti Winder (1985) fi hàn pé ẹni tí káńsù pè lẹ́jọ́ lórí owó ilé lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbèjà ara rẹ̀ níbi tí wọ́n pè é sí, nítorí kì í ṣe òun ló yan kóòtù. Inú ìwé ìdáhùn ló wà. Ọjọ́ mẹ́rìnlá la ní láti fi í sílẹ̀, ó sì di méjìdínlọ́gbọ̀n nítorí pé a kọ́kọ́ fi ìwé ránṣẹ́ sí kóòtù pé ẹjọ́ ti dé ọwọ́ wa.

Ẹrù tó sọnù jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni sí ẹni: káńsù gba ohun ìní rẹ̀ sọ́wọ́, kò sì lè dá a padà. Fọ́ọ̀mù N1, kóòtù káúńtì, ìlà ẹjọ́ kékeré nítorí pé iye rẹ̀ kò tó £10,000. Owó nìkan ni a ń béèrè, ẹjọ́ àyẹ̀wò kì í sì í gba ẹni tó wá béèrè owó nìkan. Mo yẹra fún fífi owó ìyà àìnílé kún un, nítorí pé ẹjọ́ O'Rourke àti Camden (1998) ti sọ pé a kò lè gba owó gbà-má-bínú nínú ẹjọ́ lásán torí pé káńsù kò ṣe ojúṣe rẹ̀ fún aláìnílé.

Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá mọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú méjèèjì, ẹjọ́ àyẹ̀wò ni mo máa ń kọ́kọ́ pè, kí oṣù mẹ́ta náà má bàa kọjá. CPR 54.20 gba adájọ́ láyè láti sọ ọ́ di ẹjọ́ lásán. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹjọ́ lásán náà lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka ẹjọ́ àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó ṣì máa gba ìyọ̀ǹda níbẹ̀, wọn yóò sì bi í léèrè ìdí tó fi pẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì kò sì lè jọ fẹnu kò láti sún gbèdéke oṣù mẹ́ta náà síwájú.