Bí A Ṣe Ń Kọ Ìwé Àdéhùn fún Iṣẹ́ Àdáṣe Kékeré

Ojú ìwé méjì tó. Iṣẹ́ lógò ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i jù tí èèyàn ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì fún oṣù mẹ́ta. Orúkọ, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé, ẹ mọ ìyẹn.

1. Iṣẹ́ tí ẹ gbà

Ẹ má kọ "lógò kan" kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ṣe é kà: àbá mẹ́ta tí oníbàárà yóò yan ọ̀kan nínú wọn, kí èyí tó bá yàn wà ní aláwọ̀ àti ní dúdú-òun-funfun, nínú fáìlì SVG àti PNG. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí kò sí níbẹ̀: káàdì, pátákó, ìkànnì. Ìlà yìí ni wọ́n máa ń fò, òun náà ni wọ́n sì máa ń wá lọ́jọ́ tí oníbàárà bá ní "ṣebí káàdì wà lára ẹ̀."

2. Àtúnṣe

Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ọ̀pọ̀ ń kọ "àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì", wọ́n rò pé ó ti parí. Oníbàárà á ní kí ẹ yí àwọ̀ padà láàárọ̀, á ní kí lẹ́tà tóbi sí i lọ́sàn-án, tó bá di alẹ́, ohùn ẹlòmíì á tún wọlé. Èwo ni ẹ̀ẹ̀kan nínú gbogbo rẹ̀? Èyí tí èmi máa ń kọ rèé:

"Àtúnṣe kan ni àkójọ kan ṣoṣo, tí ẹni tí oníbàárà yàn fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ní kíkọ. Méjì ló wà nínú owó yìí. Bí ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún bá kọjá láìsí èsì, a ó kà á sí pé oníbàárà ti gba iṣẹ́ náà."

Ẹ má yọ "ẹni tí oníbàárà yàn" kúrò. Bí ẹni mẹ́ta bá ń fún yín láṣẹ, ẹni kẹta á tú ohun tí ẹni kìíní fọwọ́ sí.

Ó tún ku ohun kan: àtúnṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ tuntun. Ká ní oníbàárà yan àbá kejì, igi kan tí orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀. Kí igi náà kéré sí i, kí àwọ̀ ewé rẹ̀ dín, àtúnṣe nìyẹn. Lẹ́yìn àtúnṣe kejì, alájọṣe rẹ̀ ti ìrìn-àjò dé, ó ní ẹyẹ lòun fẹ́. Iṣẹ́ tuntun ni ẹyẹ, torí àbá tí wọ́n ti fọwọ́ sí ló pa tì. Bí àdéhùn bá ti sọ iye tí wákàtí kan jẹ́ fún irú èyí, ẹ kàn máa fi iye owó ránṣẹ́ ni, kí ẹ dúró de "bẹ́ẹ̀ ni" ní kíkọ. Ẹ má fi ọwọ́ kan ẹyẹ náà ṣáájú. Ẹni tó bá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà á gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí.

Ẹ ò nílò áàpù tí a ń sanwó fún. Ímeèlì tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Àtúnṣe 1" ti tó. Bí wọ́n bá fi ohùn ránṣẹ́, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí n dá a padà fún wọn láti jẹ́rìí sí i.

3. Owó

Ìdá 40 nínú 100 kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, 30 nígbà tí wọ́n bá yan àbá, 30 kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má kọ "nígbà tí iṣẹ́ bá parí", torí ta ni yóò sọ pé ó ti parí? Títí owó ìkẹyìn á fi wọlé, àwòrán kékeré tí a kọ orúkọ gàdàgbà lé lórí ni kí wọ́n máa rí.

4. Ta ló ni ín

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, iṣẹ́ ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù jẹ́ tirẹ̀ títí yóò fi fi ìwé gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíì. Ẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ tí owó ìkẹyìn bá wọlé ni ẹ̀tọ́ lógò tí wọ́n yàn yóò di ti oníbàárà. Àbá méjì tí wọn ò yàn ṣì jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá lo fọ́ńtì olówó, ẹ sọ pé oníbàárà ni yóò ra àṣẹ ìlò tirẹ̀, torí ẹ ò lè ta ohun tí kì í ṣe tiyín.

5. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dúró

Ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè fòpin sí i, bó bá ti fi ìwé sọ fún ẹnì kejì ní ọjọ́ 7 ṣáájú. Bí oníbàárà ló dá a dúró, àsansílẹ̀ kò ní padà, yóò sì san iye iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe dé ọjọ́ náà. Bí ẹ̀yin lẹ dá a dúró, ẹ dá owó ohun tí ẹ kò tíì ṣe padà. Ẹ fi ìlà kan kún un pé lógò tí wọn kò sanwó rẹ̀ tán, wọn kò gbọdọ̀ lò ó.