Bí ẹ ṣe máa fi òṣùpá tàbí ọ̀wọ́ lékeléke sójú sánmà fọ́tò, tí ò ní tóbi ju bó ṣe yẹ lọ

Ọ̀kun o. Lọ́dún kan mo fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà fún ẹbí wa, mo wá ya ọ̀pẹ kan tó wà lẹ́yìn ilé bàbá mi, lẹ́bàá Kàbà níbí, nírọ̀lẹ́, mo lọ daonlóòdù òṣùpá kan mo sì gbé e sẹ́yìn ọ̀pẹ yẹn, ó tóbi, ó ń dán, orí mi wú. Bàbá mi gba fóònù, wọ́n wò ó wò ó, wọ́n ní, "Ṣé òṣùpá yìí ń bọ̀ wá jẹ ọ̀pẹ wa ni?" Àgbẹ̀ ni wọ́n o, wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀dítì, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wo òṣùpá.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Fọ́tò yẹn fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, ọ̀pẹ náà ga ní bíi 180 nínú ẹ̀, èmi wá gbé òṣùpá píksẹ́lì 600 síbẹ̀! Ó ju ọ̀pẹ mẹ́ta lọ téèyàn bá tò wọ́n lórí ara wọn. Ẹ wá gbọ́ èyí tó yẹ kó jẹ́: 26. Àní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré.

Bá a ṣe ń mọ iye yẹn ò le. Lẹ́ńsì fóònù tàbí kámẹ́rà tẹ́ ẹ lò ní iye mílímítà tirẹ̀, tí fọ́tò yín bá ti fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000, iye mílímítà yẹn gan-an ni iye píksẹ́lì tí òṣùpá máa fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì 26, òṣùpá 26. Lẹ́ńsì 200, òṣùpá 200. Tí fọ́tò bá fẹ̀ ní 6000, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, tó bá jẹ́ 2000, ẹ gé e sí méjì. Ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù lẹ máa wò, yálà fọ́tò dúró ni o tàbí ó dùbúlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti gé etí fọ́tò kúrò, ẹ fi bó ṣe fẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e ṣírò, torí gígé kì í sọ òṣùpá di ńlá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni mílímítà yẹn. Fóònù máa ń kọ nọ́ńbà kékeré bíi 4 tàbí 5 síbi àlàyé fọ́tò, èyí kọ́ là ń wá, èyí tí wọ́n ṣírò bá fíìmù mílímítà 35 mu ni. Ẹ ṣí fọ́tò nínú GIMP (ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà la fi ń lò ó), ẹ lọ sí `Image > Metadata > View Metadata`, kẹ́ ẹ wá `FocalLengthIn35mmFilm`. Tí ò bá sí níbẹ̀, lẹ́ńsì gbogboogbò fóònù kì í sábà kọjá láàárín 24 sí 28, ẹ mú 26.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ pé 26 ti kéré jù, kò sẹ́ni tó máa rí i. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí òkè, ojú wa máa ń rí i bíi pé ó tóbi gan-an, kámẹ́rà ni kì í bá wa gbà bẹ́ẹ̀, bákan náà ló rí sí i nílẹ̀ àti lókè. Torí ojú yẹn, mo máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, 52, kò sẹ́ni tó tíì bá mi jà. Ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ òṣùpá ńlá ní tòótọ́, ẹsẹ̀ lẹ máa lò, kì í ṣe ẹ̀dítì. Òṣùpá fẹ̀ tó kìlómítà 3,474, ó sì jìn sí wa tó nǹkan bíi 384,400, tẹ́ ẹ bá pín in, bíi 110 ló máa fún yín. Ìyẹn ni pé nǹkan tó bá jìnnà sí yín ní ìlọ́po 110 gíga ara ẹ̀, òun àti òṣùpá máa dọ́gba lójú. Ọ̀pẹ wa ga ní mítà 12, mítà 200 ni mo dúró sí, ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi jẹ́ bí ìdá kan nínú méje ọ̀pẹ náà. Súùmù níkan ò lè tún un ṣe o, torí tẹ́ ẹ bá fi súùmù fa ọ̀pẹ, á fa òṣùpá náà, ìdá méje yẹn lá ṣì jẹ́. Àfi kí n rìn sẹ́yìn dé bíi mítà 1,320, kí n wá fi lẹ́ńsì 130 yà á láti ibẹ̀, ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì máa ga ní bíi 130 nínú fọ́tò. Ilẹ̀ wa tó jẹ́ olókè yìí dára fún irú ẹ̀, ẹ gun àpáta kan ní Ògìdì, ẹ máa rí igi tó jìnnà dáadáa tí nǹkan kan ò dí yín lójú.

Ó wá kan gbígbé e sínú fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sánmà yín kọjú sí. Òṣùpá tó kún máa ń wà ní òdìkejì oòrùn, tí oòrùn bá ń wọ̀, òun ń yọ ní ìlà-oòrùn nìyẹn, nítorí náà òṣùpá àránmọ́jú kò lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn tó ń wọ̀ láé. Ẹ ya òṣùpá yín fúnra yín tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, nígbà tó ń yọ, torí bí àwọn àmì dúdú ojú rẹ̀ ṣe máa ń dùbúlẹ̀ níbí yàtọ̀ sí ti àwọn tó yà á ní Yúróòpù.

Ẹ gé e kí etí òṣùpá kan etí fọ́tò rẹ̀ yí ká, ẹ fi `File > Open as Layers` gbé e wọlé, ẹ lọ sí `Layer > Scale Layer`, ẹ tẹ 52, kẹ́ ẹ wá yí `Mode` sí `Screen`. Dúdú tó yí i ká máa pòórá, àwọn àmì inú ẹ̀ náà á gba àwọ̀ sánmà. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa, torí ẹ̀tàn rẹ̀ ń hàn síta níbẹ̀: nírọ̀lẹ́ kò sí ibì kankan lára òṣùpá tó lè dúdú ju sánmà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkùukùu àti imọ̀ ọ̀pẹ máa ń wà níwájú rẹ̀, ẹ pa ibi tí wọ́n ti bò ó rẹ́. Nígbà ọyẹ́, òṣùpá tó wà nílẹ̀ máa ń pọ́n, ó sì máa ń ṣú díẹ̀, ẹ má fi funfun báláú síbẹ̀.

Lékeléke ńkọ́? Apá wọn méjèèjì tí wọ́n bá nà án tó bíi sẹ̀ǹtímítà 90, tó bá wà ní mítà 100, ó dọ́gba pẹ̀lú òṣùpá, tó bá di 200, ìdajì rẹ̀ ni. Nínú fọ́tò ọ̀pẹ wa, èyí tó sún mọ́ wa jẹ́ 26, àwọn tó kù ń kéré sí i dé 13. Níbi ẹyẹ, ẹ má lo ìlọ́po méjì o, torí ojú kì í tàn wá jẹ lórí wọn bíi ti òṣùpá. Ẹ má ṣe ẹ̀dà ẹyẹ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀kan gbé apá sókè, òmíràn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àlàfo àárín wọn ò sì dọ́gba. Àti pé tẹ́ ẹ bá kọjú sí ìlà-oòrùn tí oòrùn ò tíì wọ̀ tán, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn yín, funfun ni lékeléke máa jẹ́, kò lè dúdú bí àdán.