Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú ìlànà ìwà fún òwò ẹbí: ẹ̀bùn, gbígba ìbátan síṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ owó

Bí ilé-iṣẹ́ ẹbí kan bá jókòó láti kọ ìlànà ìwà, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò pín in sí orí mẹ́ta tí kò kan ara wọn: ọ̀kan fún ẹ̀bùn, ọ̀kan fún gbígba ìbátan síṣẹ́, ọ̀kan fún àkọsílẹ̀ owó. Ìpín yìí fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́, nítorí pé ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni àdánù máa ń gbà wọlé. Ìbátan kan ni ó ń ra ọjà, òun náà ni ẹni tí ń tajà fún ilé-iṣẹ́ ń fún ní ẹ̀bùn, òun náà ni ó sì ń kọ ohun tí a rà sínú ìwé.

Ẹ má ṣe kó gbogbo iṣẹ́ rírà lé ẹnì kan lọ́wọ́ nítorí pé ọmọ ẹbí ni

Ẹ jẹ́ kí á wo ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni ó ń béèrè fún ọjà, òun ni ó ń gbà á wọlé, òun ni ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kan, ó béèrè fún ọjà lẹ́ẹ̀mẹta, àpótí 100 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ìwé owó tí olùtajà fi ránṣẹ́ sọ pé 100 ni, owó àpótí 100 ni a sì san, ṣùgbọ́n àpótí 96 ni ó ń wọlé ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí olùtajà ń fún un lóṣooṣù ti dí i lẹ́nu.

Ẹni tí ó bá yẹ ìwé nìkan wò kò ní rí àléébù kankan, nítorí pé iye tí a béèrè, iye tí ó wà nínú ìwé owó àti iye tí a san bá ara wọn mu rẹ́gí. Kíkà ọjà tí ó wà nílẹ̀ ni yóò tú àṣírí náà. Àpótí 40 ni ó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìwé sọ pé a ra 300, a sì ta 310, nítorí náà ó yẹ kí 30 ṣẹ́kù. Nígbà tí ẹlòmíràn kà á, 18 ni ó bá. Àpótí 12 ni ó dín, iye tí ó dúró fún 4 ní ìgbà mẹ́ta, ó sì yẹ kí irú ìbáramu bẹ́ẹ̀ mú kí a wo ẹnu ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé kí a tó fẹ̀sùn olè kan òṣìṣẹ́ tí ń tà á fún oníbàárà. Síbẹ̀, kíkà ọjà kò lè sọ ẹni tí ó jẹ̀bi, kò sì lè fi hàn bí olùtajà bá bù kún owó àpótí kọ̀ọ̀kan. Fún ìyẹn, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tí ń ra ọjà ni kí ó máa béèrè iye tí àwọn olùtajà mìíràn ń ta irú ọjà kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó yẹ kí ìlànà sọ ni pé ẹni tí ó béèrè fún ọjà kọ́ ni yóò gbà á wọlé. Ẹni tí ó gbà á yóò kọ́kọ́ kà á, yóò kọ iye tí ó bá sílẹ̀ pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù, kí ó tó rí iye tí ó wà nínú ìwé owó, nítorí pé ẹni tí ó ti rí 100 lórí ìwé kì í sábà fara balẹ̀ kà á mọ́. Ẹni tí yóò sanwó yóò wá fi iye tí a béèrè, iye tí ó wọlé àti iye tí ìwé owó sọ wé ara wọn. Bí ènìyàn méjì péré bá wà nínú òwò náà, kí ẹni tí ó ni ín máa ka ọjà fúnra rẹ̀, kí àkọsílẹ̀ báǹkì sì kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀ láìtíì gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá.

Ẹ má ṣe rò pé fífi òdiwọ̀n sí iye owó ẹ̀bùn ti tó

Òdiwọ̀n nìkan kò dá ẹnikẹ́ni dúró. Olùtajà tí ó mọ̀ ọ́n yóò pín ẹ̀bùn ńlá sí wẹ́wẹ́, tàbí kí ó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ẹni tí ń ra ọjà. Nítorí náà, kí ìlànà ka ẹ̀bùn tí ó dé ọ̀dọ̀ ará ilé òṣìṣẹ́ kún ti òṣìṣẹ́ náà, kí ó ṣe àpapọ̀ ohun tí ẹnì kan fún wa ní ọdún kan, kí ó sì ka owó léèwọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré tó. Àsìkò pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Ohun kékeré tí ó dé nígbà tí a ń yan ẹni tí yóò máa tajà fún wa léwu ju ohun tí ó tóbi jù ú lọ tí ó dé lẹ́yìn tí a ti parí yíyàn náà.

Ìwé ẹ̀bùn kan ṣoṣo ti tó: déètì, ẹni tí ó fúnni, ohun tí ó fúnni, iye tí a fojú bù ú sí, àti ohun tí a fi ṣe. Ẹni tí ó ni òwò ni kí ó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ sí i, nítorí pé ojú rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wò.

Ẹ má ṣe ka ìbátan léèwọ̀, ẹ má sì dákẹ́ nípa wọn

Òfin tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ gba ìbátan síṣẹ́ nínú òwò ẹbí jẹ́ irọ́ láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́, òfin tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé irọ́ ni máa ń sọ ìyókù ìwé náà di yẹpẹrẹ. Ohun tí ó yẹ kí a kọ ni iṣẹ́ tí ìbátan náà wá ṣe, ẹni tí yóò máa bójú tó o tí kì í ṣe òbí, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ẹni tí ó lè dá a dúró. Kí owó oṣù rẹ̀ jẹ́ iye tí àjèjì tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ kan náà yóò gbà. Bí ẹbí bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ìrànlọ́wọ́ náà jáde láti inú àpò ẹni tí ó fẹ́ fún un, kí ó má ṣe fara pamọ́ sínú owó oṣù.

Ọ̀nà kan náà ni kí a gbà kọ owó tí ẹni tí ó ni òwò bá mú fún ìlò ilé rẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ bí ìnáwó òwò, èrè yóò kéré lójú ìwé, a ó sì máa wá ohun tí ó ń jẹ owó níbi tí kò sí. Ìlà tirẹ̀ ni kí ó ní, lábẹ́ orúkọ ẹni tí ó mú un.

Ẹ má ṣe pa ohun tí a kọ ní àṣìṣe rẹ́

Ìlà kan ni kí a fà gba àárín rẹ̀ kí ó ṣì ṣeé kà, kí a kọ èyí tí ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó ṣe àtúnṣe sì buwọ́ lù ú.

Ẹ má ṣe parí ẹ̀sùn sínú pálọ̀

Nígbà tí a bá mú ìbátan tí ó rú òfin, ẹbí á fẹ́ bá a wí ní ìkọ̀kọ̀, á san àdánù náà padà, kò sì ní sí àkọsílẹ̀ kankan. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, bí òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ẹbí bá ṣe ohun kan náà tí a sì lé e lọ, kò sí ohun tí a lè fi hàn án pé òfin kan náà ni a tẹ̀ lé fún ẹni méjèèjì. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ohun tí ó sọnù, ohun tí a san padà àti ìjìyà tí a fún un, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn buwọ́ lù ú, kí ẹ sì gba iṣẹ́ rírà tàbí àkọsílẹ̀ owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ìyá rẹ̀ bá ń bẹ̀bẹ̀.