₦27,500 lóṣooṣù kì í ṣe ₦300,000 lọ́dún

Ọmọbìnrin tó ta inṣọ́ránsì mọ́tò fún mi ní Wuse kò purọ́ fún mi. Ó ní, "Sà, ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀, ₦27,500 péré lóṣù." Àpapọ̀ rẹ̀ ni kò sọ. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà la ka Corolla mi sí, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso inṣọ́ránsì, sì ti pàṣẹ pé owó kọ́ńpírẹ́hẹ́nsíìfù, inṣọ́ránsì tó ń bo mọ́tò tèèyàn àti ti ẹlòmíràn, kò gbọdọ̀ dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tí mọ́tò bá tó. ₦300,000 nìyẹn lọ́dún. ₦27,500 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦330,000.

Wọ́n á ní ìdá mẹ́wàá péré ni wọ́n fi lé e. Ì bá rí bẹ́ẹ̀ ká ní ₦300,000 náà wà lọ́wọ́ mi di òpin ọdún. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí inṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀ ni mo ti san ti àkọ́kọ́, lóṣooṣù ni ohun tí mo jẹ wọ́n sì ń dín kù. Ẹ bá mi ṣírò èlé yẹn lórí gbèsè tó ń dín kù, ẹ ó rí i pé ó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Báǹkì tó bá yá mi lówó bẹ́ẹ̀, mo máa mọ̀ pé owó èlé ni mo yá.

Síbẹ̀, ₦30,000 yẹn kọ́ ló bí mi nínú jù. Ní oṣù karùn-ún, nẹ́tíwọ́ọ̀kì báǹkì ṣe ségesège lọ́jọ́ tí wọ́n máa ń yọ owó, owó kò sì kúrò nínú àkáǹtì mi bẹ́ẹ̀ ni owó wà níbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé inṣọ́ránsì mi ti dúró. Òfin inṣọ́ránsì ló ní bí owó kò bá ti wọlé ṣáájú, kò sí ààbò, láti 2013 sì ni NAICOM ti ń fọwọ́ líle mú un. Ẹni tó san ti ọdún kan kò ní wàhálà kankan pẹ̀lú òfin yẹn lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́. Èmi tí mò ń san lóṣooṣù, ìgbà méjìlá ló lè mú mi.

Ilẹ̀ mọ́, mo fi owó ránṣẹ́, mo rò pé ó parí. Rárá o. Wọ́n ní kí n gbé mọ́tò wá kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, nítorí mọ́tò lè ti gbá nǹkan láàárín ìgbà tí kò sí ààbò. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò tẹjú mọ́ bọ́ńpà iwájú lápá ọ̀tún, níbi tí ọ̀dà ti bó tí kò ju ìka méjì lọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìbàjẹ́ tuntun ni, àwọn kò sì ní tún un ṣe láéláé. Bẹ́ẹ̀ ibi bíbó yẹn wà nínú fọ́tò tí àwọn fúnra wọn yà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra inṣọ́ránsì! Fọ́tò náà wà lórí fóònù mi. Mo fi hàn án, ó ní ọ̀gá òun ló lè yí i padà. Ọ̀gá kò sí ní ìjókòó. Títí tí ọ̀gá fi dé, mọ́tò wà nílé ní Kubwa, èmi ń wọ takisí lọ sí Garki.

Nígbà tí wọ́n gbà tán, mo ní mi ò ṣe oṣooṣù mọ́, mo fẹ́ san gbogbo èyí tó kù. Wọ́n bu ₦192,500 fún mi, ìyẹn oṣù méje tó kù pẹ̀lú èlé rẹ̀. Èlé kí ni, nígbà tí mi ò ní jẹ yín ní gbèsè mọ́? ₦2,500 ni èlé inú owó oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ₦17,500 kúrò, ó ku ₦175,000. Mo kọ lẹ́tà, mo sì sọ fún wọn pé ọ́fíìsì NAICOM kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ mi. Wọ́n yọ ọ́. Orí mi wú díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Ẹ má gba rìsíìtì nìkan bí ẹ bá ṣe irú rẹ̀. Ẹ gba ìwé àtúnṣe tí wọ́n á so mọ́ ìwé inṣọ́ránsì, tó sọ pé owó ti pé títí di ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì lọ báǹkì kí wọ́n fagi lé àṣẹ tí ẹ fún wọn láti máa yọ owó. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ nípa ìjàǹbá pẹ̀lú. Nínú tèmi, bí mọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá ní oṣù kẹta, gbogbo owó oṣù tó kù ni wọ́n máa yọ kí wọ́n tó san nǹkan kan fún mi. Ti oṣù mẹ́fà tí àwọn kan ń rà kì í sábà jẹ́ ìdajì owó ọdún, ó máa ń lé.

Tádì pátì, tó ń san kìkì ohun tí ẹ bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn, kò nílò gbogbo èyí, ₦15,000 ni fún mọ́tò ara ẹni, ẹ san án lẹ́ẹ̀kan. Ní ti kọ́ńpírẹ́hẹ́nsíìfù, àwa méjìlá ní ọ́fíìsì ti ń dá èésú ₦25,000 lóṣooṣù báyìí, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kíkó tèmi sí oṣù tí inṣọ́ránsì mi máa parí.