Àbùkù Yọjú Nígbà Tí Àsìkò Àtúnṣe Ku Ọjọ́ Díẹ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Sí Agbaṣẹ́ṣe

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìwé àdéhùn wa sọ pé oṣù 12 ni agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé wa fi máa tún àbùkù tó bá yọjú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2025 ló kó kọ́kọ́rọ́ fún wa. Òní ni ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 2026, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àbàwọ́n omi lára àjà pálọ̀, ògiri tó sán, àti táìlì tó ń dún bí ohun tó ṣófo. Ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2025 ló wà nínú rẹ̀. Ṣé àyè ṣì wà?

Ìdáhùn: Àyè wà, àmọ́ kò tó èyí tí ẹ̀ ń fọkàn sí. Nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, ìwé ẹ̀rí yẹn ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fúnni. Ẹ wò ó dáadáa, torí ó lè ní ọjọ́ méjì nínú: ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ pé iṣẹ́ parí. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni ẹ máa kà. Bí ó bá jẹ́ òun ni 16 oṣù kẹfà, oṣù 12 yín máa pé ní 15 oṣù kẹfà ọdún yìí. Ẹlòmíràn lè ní 16 ló pé. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ mú èyí tó yá jù.

Ọjọ́ Ajé ni 15 bọ́ sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí lẹ́tà tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé àtúnṣe gbọ́dọ̀ parí kí àsìkò tó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìfitónilétí ni àdéhùn ń wò. Nínú àwòṣe àdéhùn FIDIC, àbùkù tí ẹ bá ti fi tó agbaṣẹ́ṣe létí kó tó di ọjọ́ tí àsìkò náà tán, tàbí lọ́jọ́ náà gan-an, ẹrù rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ oṣù tó tẹ̀ lé e ló máa tún un ṣe. JCT, àwòṣe àdéhùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tilẹ̀ fún ẹni tó ń bójú tó àdéhùn ní ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí àsìkò bá tán láti kó gbogbo àbùkù jọ sínú ìwé kan. Ẹ ka ti yín kí ẹ tó gbára lé irú àfikún bẹ́ẹ̀, torí àdéhùn púpọ̀ ni kò ní in.

Ìbéèrè: Mo ti kọ ọ́ báyìí: “Páìpù balùwẹ̀ òkè ń jò, ògiri ti sán káàkiri, táìlì yín kò dára. Ẹ wá tún wọn ṣe kíákíá.” Ṣé ó tó?

Ìdáhùn: Kò tó o, gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn ló sì léwu jù. Ẹ ò tíì rí páìpù kankan tó ń jò. Àbàwọ́n lẹ rí. Bí ẹ bá kọ “páìpù ń jò”, agbaṣẹ́ṣe á rán púlọ́ńbà wá, púlọ́ńbà á dán páìpù wò, á bá a ní gbígbẹ, ọ̀gá rẹ̀ á sì kọ̀wé padà pé àbùkù tí ẹ sọ kò sí. Nígbà yẹn, ọjọ́ 15 ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ etí ibi ìwẹ̀ tí wọn kò dí dáadáa ni omi ń gbà wọlé. Ohun tójú rí ni kí ẹ kọ, pẹ̀lú ibi tó wà gan-an, kí ẹ sì fi kún un pé ohun yòówù tó ń fà á ni kí ó wá, kó sì tún un ṣe. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ báyẹn, ibi yòówù tí omi náà ti ń wá, lẹ́tà yín ti mú un.

Ẹ ṣì lè wádìí rẹ̀ fún ara yín, ó máa wúlò nígbà tí ẹ bá jọ ń wo iṣẹ́ náà. Bí ilé bá ní mítà omi, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ pa, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú mítà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lo omi fún wákàtí kan. Bí nọ́ńbà bá yí, omi ń jáde láti ara páìpù tó ń gbé omi wọlé tàbí ohun tó so mọ́ ọn. Bí kò bá yí, ẹ da omi tààrà sí ojú ihò ìdàmínù láìjẹ́ kí ilẹ̀ àti ògiri tutù, kí ẹ máa wo àjà títí di ọjọ́ kejì. Bí àbàwọ́n kò bá tutù sí i, ẹ wá wọ́n omi sí ara táìlì ògiri àti etí ibi ìwẹ̀. Èyí tó bá mú kí àbàwọ́n tutù ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Inú ìwé tiyín ni kí àbájáde rẹ̀ wà, kó má wọ inú lẹ́tà.

“Ògiri ti sán káàkiri” náà kò sọ nǹkan kan. Ògiri tuntun máa ń gbẹ, pílásítà á sì sán ní ìlà tín-ín-rín bí irun. Ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe á ní ìyẹn kì í ṣe àbùkù, ìgbà mìíràn òótọ́ ni wọ́n sọ. Sísán tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ sókè, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tó parí sí ní ìhà méjèèjì, ẹ kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ àmì náà, ẹ gbé rúlà tì í, kí ẹ yà á ní fọ́tò. Bí ó bá kọjá àmì yẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sẹ́ni tó lè ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn.

Ní ti táìlì, ẹ fi etí owó ẹyọ lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ téèpù mọ́ èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, kí ẹ kà wọ́n. Èyí tó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, tàbí tí símẹ́ńtì àárín rẹ̀ ti ń fọ́, ni kí ẹ kọ ṣáájú, torí agbaṣẹ́ṣe lè jiyàn lórí èyí tó kàn ń dún. Ẹ má sì kó ohun tí ẹ fúnra yín bàjẹ́ mọ́ wọn. Ihò ìṣó tí ẹ gbẹ́ láti fi gbé fọ́tò kọ́, tàbí ilẹ̀kùn tí ọmọ gbá fọ́, máa ń jẹ́ kó fojú kan náà wo àwọn yòókù.

Bí lẹ́tà yín ṣe lè lọ nìyí:

> Sí Ọ̀gá Agbaṣẹ́ṣe,
>
> Àdéhùn kíkọ́ ilé [nọ́ńbà àdéhùn àti àdírẹ́sì ilé]. Ìfitónilétí àbùkù lábẹ́ abala [nọ́ńbà].
>
> Ìwé ẹ̀rí ìparí iṣẹ́ sọ pé iṣẹ́ parí ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà 2025. Àsìkò àtúnṣe àbùkù kò tíì tán lọ́jọ́ tí a kọ lẹ́tà yìí. A fi àwọn àbùkù wọ̀nyí tó yín létí:
>
> 1. Pálọ̀ ìsàlẹ̀, àjà, lábẹ́ balùwẹ̀ òkè: àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 40, ó sì tutù bí a bá fọwọ́ kàn án. A rí i ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà 2026. Fọ́tò 1 àti 2.
>
> 2. Yàrá iwájú lókè, ògiri fèrèsé, igun òkè lápá ọ̀tún: sísán tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 2. Fọ́tò 3 sí 5.
>
> 3. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ̀bá ilẹ̀kùn àbáwọlé: táìlì 9 tó ń dún bí ohun tó ṣófo, 4 nínú wọn ń mì. Fọ́tò 6.
>
> Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ti wí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí àtúnṣe náà bá bàjẹ́. Ẹ fún wa lésì kó tó di ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa wá wò ó àti ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Ilé á ṣí sílẹ̀ fún yín láàárín aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́. Lẹ́tà yìí kò gba ẹ̀tọ́ wa kankan lọ́wọ́ wa lórí àbùkù mìíràn.

Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ “pẹ̀lú gbogbo ohun tí àtúnṣe náà bá bàjẹ́”. Bí ó bá gé àjà láti dé ibi tí omi ti ń wá, òun ló máa dí i, òun ló sì máa kùn ún.

Ìbéèrè: Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n má kọ lẹ́tà kankan, pé òun á wá lóṣù tó ń bọ̀. Ó tún fèsì “Kò sí wàhálà” lórí Wáásáàpù. Ṣé mi ò lè fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ fi lẹ́tà náà ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn, mi ò bá a ṣọ̀tá, àmọ́ oṣù tó ń bọ̀ ti kọjá ọjọ́ 15. Ẹ wá abala tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìfitónilétí nínú àdéhùn. Á sọ àdírẹ́sì tó yẹ kí lẹ́tà lọ, á sọ bóyá ímeèlì tó, tàbí ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi jíṣẹ́. Àdéhùn mìíràn á ní ayàwòrán ilé tàbí ẹni tó ń bójú tó àdéhùn ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí i lónìí, kí ẹ sì ní kí ó fi orúkọ tirẹ̀ kọ ọ́. Bí ẹ bá fọwọ́ jíṣẹ́ rẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí ẹni tó gbà á buwọ́ lù ú, kó kọ déètì àti aago sí i. Ẹ fi ímeèlì kún un náà. Ẹ tọ́jú èsì Wáásáàpù yẹn, ẹ̀rí pé ó mọ̀ nípa rẹ̀ ni.

Ìbéèrè: Bí kò bá wá ńkọ́? Ṣé mo lè pe bíríkìlà tèmi, kí n yọ owó rẹ̀ nínú owó ìdádúró, ìyẹn apá owó iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tí a kò tíì san, tó wà lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é bí àdéhùn bá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní bó ṣe ń lọ. Àṣà tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á san ìdajì owó ìdádúró nígbà tí iṣẹ́ parí, ìdajì kejì á wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi tún àwọn àbùkù ṣe. Nítorí náà, ẹ má buwọ́ lu ìwé pé àtúnṣe ti parí nítorí pé ọjọ́ 15 ti kọjá.

Bí ọjọ́ 19 bá kọjá tí kò fèsì, ẹ kọ lẹ́tà kejì. Ẹ fún un ní ọjọ́ tó mọ́gbọ́n dání láti parí iṣẹ́, kí ẹ sọ pé bí kò bá ṣe é, ẹ máa gbé e fún ẹlòmíràn lórí ìnáwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba iye owó lọ́wọ́ oníṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí ohun kan náà tó wà nínú lẹ́tà, kí ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń ṣí ibẹ̀. Bí ẹ bá pe bíríkìlà láìfún agbaṣẹ́ṣe láyè, ó lè ní òun ìbá fi owó kékeré tún un ṣe. Ní 1999, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí kò fi àbùkù tó agbaṣẹ́ṣe létí kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá, àmọ́ kò lè gbà ju iye tí àtúnṣe ìbá ná agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá rí òmíràn ní ọjọ́ 14 ńkọ́, nígbà tí lẹ́tà ti lọ?

Ìdáhùn: Ẹ kọ lẹ́tà àfikún lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà 4, kí ẹ tọ́ka sí lẹ́tà àkọ́kọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 14 bọ́ sí, nítorí náà ẹ ti wo abala ìfitónilétí sílẹ̀: àdéhùn mìíràn máa ń ka lẹ́tà tó dé lópin ọ̀sẹ̀ sí èyí tó dé lọ́jọ́ Ajé, òmíràn sì máa ń sún ímeèlì tó bá dé lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́ sí ọjọ́ kejì. Kí ìyẹn má bàa bá yín lójijì, ẹ yí gbogbo ilé po ní ọjọ́ 10: ẹ ṣí gbogbo fèrèsé kí ẹ tì í padà, ẹ tan gbogbo iná, ẹ dán gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, ẹ jẹ́ kí omi ṣàn nínú gbogbo ẹ̀rọ, kí ẹ sì gun òkè àjà lọ wo abẹ́ òrùlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.