Fáànù Ara Tiransifọ́mà: Ohun Tó Ń Fi Kún Agbára Rẹ̀, àti Ibi Tí Agbára Náà Mọ

Bí oko yín tàbí àdúgbò yín bá ní tiransifọ́mà elépo, ẹ dúró sí ẹ̀yìn ọgbà rẹ̀ kí ẹ ka àwo irin tó wà lára rẹ̀. Ẹ ó rí lẹ́tà mẹ́rin papọ̀ níbẹ̀: ONAN, ONAF tàbí OFAF. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ń sọ bí epo inú rẹ̀ ṣe ń rìn, méjì tó kẹ́yìn ń sọ bí afẹ́fẹ́ ìta ṣe ń dé ara rẹ̀. N túmọ̀ sí pé ó ń lọ fúnra rẹ̀, F túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ló ń tì í.

Nínú ONAN, epo tó bá gbóná lára kọ́ìlì á fúyẹ́, á gòkè, á wọ inú rédíétọ̀, á tutù níbẹ̀, á sì sọ̀kalẹ̀ padà sábẹ́ kọ́ìlì. Kò sí nǹkan kan tó ń yí tó lè bàjẹ́. Fún oko tó jìnnà sí oníṣẹ́ iná, èyí ni èmi yóò yàn. Nínú ONAF, epo ṣì ń rìn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n fáànù ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Nínú OFAF, pọ́ǹpù ń ti epo, fáànù sì ń fẹ́. Tiransifọ́mà ńláńlá ló sábà ń ní irú èyí, bí pọ́ǹpù rẹ̀ bá sì dúró, ẹrù iná tó lè gbé lè dín kù gan-an.

Kí ló dé tí fáànù fi ń fi kún agbára? Bébà tí a fi wé wáyà kọ́ìlì ló ń pinnu rẹ̀. Fún bébà tí a sábà ń lò, ibi tó gbóná jù nínú kọ́ìlì kò gbọ́dọ̀ máa ju nǹkan bí 98 °C lọ, kí bébà náà lè lo ọjọ́ ayé rẹ̀ pé. Bí ó bá fi 6 °C gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, bébà á máa gbó ní ìlọ́po méjì. Fáànù kò kan kọ́ìlì rárá, epo ló ń mú tutù. Nígbà tí epo bá tutù, àyè á wà fún kọ́ìlì láti gbé iná púpọ̀ sí i kó tó dé òpin yẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú tiransifọ́mà kan tí àwo rẹ̀ kọ ẹrù tó lè gbé báyìí: 2,500 kVA fún ONAN, àti 3,125 kVA fún ONAF. Ká ní ó ń fi 3 kW ṣòfò nígbà gbogbo, bí ẹ tilẹ̀ pa gbogbo pọ́ǹpù omi oko, tó sì ń fi 20 kW mìíràn ṣòfò nínú wáyà nígbà tó bá gbé 2,500. Àròpọ̀ ooru jẹ́ 23 kW. Ní 3,125, ẹrù fi ìdámẹ́rin lé sí i, ṣùgbọ́n ooru wáyà ń tẹ̀ lé ẹrù ní ìlọ́po ara rẹ̀: 1.25 × 1.25 × 20 jẹ́ 31.25 kW. Pẹ̀lú 3 kW àkọ́kọ́, ó di 34.25 kW. Ẹrù fi ìdámẹ́rin pọ̀, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì pọ̀. Fáànù ló gbọ́dọ̀ gbé ìyàtọ̀ yẹn lọ.

Bí fáànù bá wá dúró nígbà tí 3,125 kVA ṣì wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ká ní epo tó wà lókè nínú rẹ̀ máa ń fi 55 °C gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ ní 2,500 láìsí fáànù. Ooru epo náà yóò máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan títí yóò fi ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí 75 °C. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ jẹ́ 35 °C, epo á dé 110 °C, kọ́ìlì á sì gbóná ju epo lọ. Nítorí náà, bí ẹ kò bá gbọ́ ìró fáànù lọ́sàn-án tí ẹrù wúwo, ẹ pa àwọn ẹ̀rọ kan kí ẹrù padà sí iye ONAN, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ iná. Ẹ má ṣe da omi sí i, ẹ má sì wọ inú ọgbà rẹ̀.

Àwọn kan máa ń so fáànù mọ́ ONAN fúnra wọn, wọ́n á sì rò pé ó ti di ONAF. Fáànù á mú epo tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn iná, bíréékà àti ibi tí wáyà ti ń jáde lára tiransifọ́mà kò tóbi sí i. Àfi bí ẹni tó ṣe é bá fọwọ́ sí i, iye àkọ́kọ́ lórí àwo ni kí ẹ máa gbà.

Ohun kan ṣì wà tí ojú kì í tètè rí. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n lè ṣi wáyà fáànù onífésì mẹ́ta so, fáànù á sì máa yí sẹ́yìn. Ó ń yí, ó ń pariwo, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń dé rédíétọ̀ kò tó nǹkan. Kí oníṣẹ́ iná mú ìrépé bébà kan sí iwájú fáànù kọ̀ọ̀kan kó tó kúrò níbẹ̀, kó wo ibi tí bébà náà ń fẹ́ sí àti bó ṣe lágbára tó.