Bí a ṣe ń ta okùn ọdún ìjà òmìnira Nàìjíríà, kí àyọkà má bàa ṣi àwọn ọmọ lọ́nà

Iṣẹ́ yìí rọrùn títí tí ẹ ó fi kan àbá ìjọba ara ẹni tí Enahoro gbé wá sí Ilé Aṣòfin ní 1953. Ẹ ta okùn mọ́ ògiri, ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sórí káàdì, ẹ ní kí àwọn ọmọ fi wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ ìyẹn. Ibi tí mo ti ń rí i tó ń dàrú ni ìgbà tí àyọkà bá dé. Ọmọ á rí 1956 nínú ọ̀rọ̀ tí Enahoro sọ, á sì gbé e lọ sábẹ́ 1956. Olùkọ́ náà, tó yẹ kó mọ̀, á tún fún un ní máàkì.

Ẹ jẹ́ ká yára ṣe èyí tó rọrùn. Láti 1944 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú ìdàpọ̀ Àríwá àti Gúúsù ní 1914 wọ̀ ọ́, pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣèlú tí Herbert Macaulay dá sílẹ̀ ní 1923, ẹ lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bí ìṣáájú, kí okùn má bàa gùn ju ògiri lọ. Rúlà kan, sẹ̀ńtímítà 30, fún ọdún kan ni ìwọ̀n tèmi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944 dé òpin 1960, rúlà 17 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní mítà 5. Ògiri ẹ̀yìn kíláàsì máa ń gbà á. Àwọn kan máa ń fi ìdajì rúlà ṣe ọdún kan nítorí àyè. Wọ́n á kábàámọ̀ rẹ̀ tí wọ́n bá dé 1953, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Okùn tí wọ́n fi ń sá aṣọ ni kẹ́ ẹ lò, pẹ̀lú pẹ́gì aṣọ. Ẹ má fi gúlúù tàbí sẹ́lótéèpù lẹ káàdì, torí pé gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú eré yìí wà nínú kí ọmọ yọ káàdì kúrò níbi tó fi sí, kó gbé e síbòmíràn. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà tó ti kọjá dára ju páálí tuntun lọ, ó nípọn, ó sì funfun. Ẹ gé e kí fífẹ̀ rẹ̀ má ju ìka mẹ́ta lọ.

Káàdì 12 tó. Àwọn tí mo máa ń lò nìyí: ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́ NCNC ní oṣù kẹjọ 1944, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti 1945, òfin ìṣèjọba Richards tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, ìbọn tí àwọn ọlọ́pàá yìn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, Enugu, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, àbá Enahoro ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1953, rògbòdìyàn Kano ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìpàdé London tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù keje, òfin ìṣèjọba Lyttelton ní 1954, ìjọba ara ẹni fún Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1957, ti Àríwá ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1959, ìdìbò àpapọ̀ oṣù kejìlá 1959, àti òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1960. Ẹ̀yìn káàdì ni kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ sí, kì í ṣe iwájú.

Ọ̀rọ̀ 1953 wá dé. Tí rúlà kan bá jẹ́ ọdún kan, oṣù kan jẹ́ sẹ̀ńtímítà 2 àti ààbọ̀. Àbá Enahoro bọ́ sí sẹ̀ńtímítà 7 àti ààbọ̀, rògbòdìyàn Kano bọ́ sí nǹkan bí 11, ìpàdé London sì bọ́ sí nǹkan bí 17. Káàdì mẹ́ta láàárín ìdajì rúlà! Tí gbogbo wọn bá wà lójú kan náà, wọ́n á gun ara wọn. Ẹ so wọ́n mọ́ òwú, kí òwú ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ, kí wọ́n wà lókè àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ má fà wọ́n jìnnà síra kí ògiri lè rẹwà. Bí wọ́n ṣe há mọ́ra yẹn gan-an ló ń sọ fún àwọn ọmọ pé nǹkan gbóná lọ́dún yẹn.

Ẹ̀yìn tí káàdì bá ti dúró dáadáa ni kẹ́ ẹ tó pín àyọkà. Mo rí àwọn tó ń pín méjèèjì pọ̀. Ọmọ á kàn máa wá ọdún nínú àyọkà láti fi to káàdì, kò ní ka ọ̀rọ̀ náà rárá. Àyọkà mẹ́ta tó. Ẹ yọ orúkọ àti ọjọ́ kúrò.

Àyọkà kìíní: "Pé kí Ilé yìí gbà pé olórí ohun tí òun ń lépa nínú ọ̀rọ̀ òṣèlú ni kí ìjọba ara ẹni tẹ Nàìjíríà lọ́wọ́ ní 1956." Ìkejì jẹ́ àtúnṣe sí i: kí wọ́n yọ "ní 1956" kúrò, kí wọ́n fi "ní kété tó bá ti ṣeé ṣe" rọ́pò rẹ̀. Ìkẹta wá látinú ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ níwájú àwọn àlejò pàtàkì: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́kọ́ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí aṣáájú, níkẹyìn gẹ́gẹ́ bí alábàáṣe, ṣùgbọ́n tí a mọ̀ nígbà gbogbo gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́.

Orí àyọkà kìíní ni kẹ́ ẹ ti lo àkókò yín. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì lára: ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, àti ọjọ́ tí ó ń tọ́ka sí. Ẹ ní kí àwọn ọmọ fi bírò búlúù kọ ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fi pupa kọ ìkejì. Ọjọ́ búlúù lọ sí ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1953, nígbà tí Anthony Enahoro ti ẹgbẹ́ Action Group gbé àbá náà wá sí Ilé Aṣòfin ní Èkó. Pupa lọ sí 1956. Lẹ́yìn náà, ẹ ta òwú pupa láti ọ̀kan sí èkejì, kẹ́ ẹ sì fi pẹ́gì òfìfo sí 1956. Kò sí ohun tó máa kọ́ síbẹ̀.

Ẹ má kún un. Mo ti rí ẹni tó fi ìbẹ̀wò Ọbabìnrin Elizabeth kọ́ síbẹ̀ torí pé ọdún náà ló wá, kí okùn má bàa ní ihò. Ihò yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi yín pé: ṣé àbá náà kò wọlé ni? Wọn kò tilẹ̀ dìbò lé e lórí. Àtúnṣe Ahmadu Bello, Sardauna Sokoto tó ṣáájú àwọn aṣòfin Àríwá, dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Ilé sún ìjókòó síwájú, àwọn aṣòfin Action Group àti NCNC bá jáde. Àwọn èrò Èkó fi àwọn aṣòfin Àríwá ṣe yẹ̀yẹ́ níta, àwọn yẹn sì bínú lọ sílé. Nígbà tí Action Group wá ń múra láti rán ikọ̀ tí S. L. Akintola jẹ́ olórí fún lọ sí Kano, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀. Ẹni 36 ló kú nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ ìjọba. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi pe gbogbo wọn sí London. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ẹkùn tó bá fẹ́ ìjọba ara ẹni lórí ọ̀rọ̀ abẹ́lé rẹ̀ lè gbà á ní 1956. Ìwádìí lórí Azikiwe àti báńkì kan ló tún fa ìpàdé tó yẹ kó tẹ̀ lé e sẹ́yìn, ló fi di ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ 1957 fún Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn. Ẹ fa òwú pupa náà láti orí pẹ́gì òfìfo lọ síbẹ̀.

Ibí yìí kan náà ni kẹ́ ẹ ti sọ fún wọn pé ìjọba ara ẹni ti ẹkùn kan kì í ṣe òmìnira. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ibadan lè ṣe òfin lórí ẹ̀kọ́ ní 1957, ṣùgbọ́n ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ṣì wà. Ọmọ tí kò bá mọ èyí á máa kọ "òmìnira" sórí káàdì mẹ́ta.

Àṣìṣe tí àyọkà kejì máa ń bí ni pé "Sardauna kò fẹ́ òmìnira." Ẹ má jiyàn pẹ̀lú wọn. Ẹ fún wọn ní pẹ́ńsùlù, kí wọ́n fagi lé "ní 1956" nínú àyọkà kìíní, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i, kí wọ́n sì ka gbogbo rẹ̀ sókè. "Ìjọba ara ẹni" ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ọjọ́ nìkan ni wọ́n fọwọ́ kàn. Kí ló wá dé tí ẹnì kan á fi sá fún ọjọ́? Bí wọ́n bá ronú, ẹnì kan á sọ pé àwọn tó kàwé pọ̀ ní Gúúsù ju Àríwá lọ nígbà náà, wọ́n sì lè bẹ̀rù pé ará Gúúsù ni yóò gba gbogbo iṣẹ́ ọba. Bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́, ẹ bi wọ́n pé ta ni yóò jókòó sórí àga tí Gẹ̀ẹ́sì bá kúrò lórí rẹ̀.

Tafawa Balewa ló ni àyọkà kẹta, ní ọjọ́ òmìnira gan-an, ní Èkó. Àwọn ọmọ máa ń gbé e lọ sẹ́yìn pátápátá torí "ọ̀gá" tó wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á ní ó jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ìjà kankan. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ́wọ́ lọ dúró síwájú káàdì Iva Valley, níbi tí awakùsà 21 ti kú, kí wọ́n tún ka "nígbà gbogbo gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́." Kíláàsì máa ń dákẹ́ díẹ̀, ariwo á wá sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo, kẹ́ ẹ tó bi wọ́n pé ta ló jókòó níwájú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ọmọọba Alexandra tó ṣojú Ọbabìnrin ni. Kí ni olórí ìjọba tó ń gba ilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ ní gbangba? Ẹ̀rí ohun tó yẹ láti sọ lọ́jọ́ yẹn ni àyọkà náà. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Enugu.

Nínú máàkì 20, 4 péré ni mo máa ń fún títò. Ìyókù wà fún gbólóhùn tí wọ́n bá kọ sáàárín káàdì méjì. "Lẹ́yìn náà" kò ní máàkì lọ́dọ̀ mi. "Nítorí pé" àti "bó tilẹ̀ jẹ́ pé" ló ní in, bí ohun tó tẹ̀ lé wọn bá wà nínú àyọkà tàbí lórí okùn. Bí àkókò kò bá sì tó, ẹ yọ káàdì 1945 àti 1947 kúrò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti 1953, ẹ má yọ ìkankan.